Ìdáhùn sí "Sọ fún wa nípa ara rẹ"

Bí àgbàlagbà bá bi ọmọdé léèrè ní ilẹ̀ wa pé ta ni í ṣe, orúkọ baba rẹ̀, agbo ilé rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ sọ, ẹni tí ó bi í yóò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ìdáhùn rere ni èyí nínú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jókòó níwájú àwọn tí ń wá olùkọ́, tí olórí wọn sì wí pé, "Sọ fún wa nípa ara rẹ," ìbéèrè mìíràn ni ó bèèrè. Ìwé tí a fi tọrọ iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ ìbí wa àti ilé-ẹ̀kọ́ tí a lọ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹni yìí lè ṣe nínú kíláàsì tí kò ní olùkọ́. Ó sì fẹ́ gbọ́ ọ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, nítorí àwọn mìíràn wà lórí àga lóde.

Ẹ jẹ́ kí a fi arábìnrin kan tí ń gbé ní Ìkòtún ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti kọ́ni fún ọdún méjì ní Ìgándò, ó sì fi ọdún kan dúró sílé tọ́ ọmọ rẹ̀. Nísinsìnyí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ẹgbẹ́dá ń wá olùkọ́ fún kíláàsì kejì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Èmi ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́fà, àgbẹ̀ ni baba mi," ìṣẹ́jú kan yóò kọjá kí ó tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ẹnì kan nínú àwọn tí ń gbọ́ ọ yóò máa ṣí ìwé, èkejì yóò máa wo ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí ó dáhùn báyìí:

"Ẹ ṣeun, sà. Olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ni mí, ìwé kíkà ni mo sì mọ̀ ọ́n kọ́ jùlọ. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ kíláàsì kẹta ní Ìgándò. Ọmọ 42 ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́; nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, 15 nínú wọn kò lè ka gbólóhùn kan já. Mo yà wọ́n sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, mo sì ń gbọ́ ìwé kíkà ẹgbẹ́ kan lójoojúmọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ọdún parí, 4 péré ni ó kù. Lẹ́yìn náà mo dúró sílé fún ọdún kan láti tọ́ ọmọ mi. Ìyá mi ni ó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Mo gbọ́ pé kíláàsì kejì ni ẹ ń wá olùkọ́ fún, níbi tí ìwé kíkà ti ń dá ọmọ púpọ̀ dúró. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín."

Ohun mẹ́ta ni ó sọ: ohun tí ó jẹ́, ohun tí ó ti ṣe, àti ìdí tí ó fi wá síbẹ̀. Ẹ kíyè sí ọdún tí kò fi ṣiṣẹ́. Gbólóhùn kan ni ó fi sọ ọ́, kò bẹ̀bẹ̀, kò sì fi í pamọ́ títí wọn yóò fi rí i fúnra wọn nínú ìwé rẹ̀. Ẹ kíyè sí àwọn ọmọ 4 nì pẹ̀lú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnì kan yóò bèèrè ohun tí ó dá wọn dúró, ó sì ti ní ìdáhùn sílẹ̀. Inú ìdáhùn àkọ́kọ́ yìí ni ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ti ń jáde. Nítorí náà, ohunkóhun tí a kò fẹ́ kí wọ́n bi wá sí i, kí a má ṣe fi ẹnu ara wa mú un wá, kí iye tí a bá sì dá jẹ́ òtítọ́.

Ní ti àkókò, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi bi wá. Ẹni tí ó bá ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ a máa sọ tó ọ̀rọ̀ 130 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ 200 tó fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a kà á sókè pẹ̀lú aago, kí a sì gé e kúrú. Lẹ́yìn èyí kí a fi ìwé náà sílẹ̀, kí a di ohun mẹ́ta nì mú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan. Àwa kan nínú wa há tiwa sórí bí ọmọ tí ń ka ìsọdipúpọ̀. Nígbà tí wọ́n dá wa dúró láàrin rẹ̀, a kò mọ ibi tí a dé mọ́, àfi kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí àgbàlagbà kan láàrin wọn bá sì fẹ́ mọ ìlú wa, yóò bèèrè. Ìgbà náà ni kí a dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí a bá ti sọ ìdí tí a fi wá, kí a dákẹ́. Àwọn pẹ̀lú lè dákẹ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ a sì máa bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yìí, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti baba àti ìyá. Ìwé ni wọ́n ń kọ.