Kí O Tó Fọwọ́ Sí Lẹ́tà Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé iṣẹ́ fi kún owó oṣù rẹ̀ nílò òwe yìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ rere níbí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Ká ní akáǹtáǹtì obìnrin kan wà l'Ékòó tó ń gba ₦260,000 sọ́wọ́ lóṣooṣù. Ilé iṣẹ́ mìíràn wá fún un ní lẹ́tà, ₦350,000 ló wà níbẹ̀. Kó má tíì jó. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló parapọ̀ di ₦350,000, ₦28,000 ti lọ nìyẹn, owó orí yóò sì tún yọ tirẹ̀. Ohun tó máa kù lè má ju bíi ₦280,000 lọ. Bí ibi iṣẹ́ tuntun bá jìnnà, owó ọkọ̀ nìkan lè jẹ èlé náà tán. Nítorí náà, kó kọ́kọ́ béèrè iye tó ń kù lẹ́yìn gbogbo àyọkúrò. Ìbéèrè yẹn kò bí ẹnikẹ́ni nínú.

Lẹ́yìn tí lẹ́tà dé, kó tó fọwọ́ sí i, ni kó pe ìyá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ tuntun náà. Ìyá yìí kọ́ ló ni owó; yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá ni. "Owó ilé ti wọ́n" kò ṣeé gbé lọ, torí owó ilé ọ̀gá náà wọ́n. Èyí ló ṣeé gbé:

"Ẹ ṣé gan-an mà. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ ní màá máa darí èèyàn méjì, mo sì ti yege nínú ìdánwò ICAN. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè mú un dé ₦420,000?"

Kó wá dákẹ́. Kó má sọ pé "láàárín 380 sí 420", èyí tó kéré ni wọ́n máa gbọ́. Kó má sì purọ́ pé ibòmíràn ti pe òun. Wọ́n lè ní kó máa lọ síbẹ̀.

Bí wọ́n bá ní ₦390,000, tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó gbà, kó dúpẹ́. Ẹni tó gbà tán tó tún padà wá béèrè ni wọ́n ń fojú burúkú wò, kì í ṣe ẹni tó béèrè lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé wọn yóò tún owó náà wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí wọ́n bá fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Ìlérí orí fóònù kì í pẹ́ di ìgbàgbé.

Kó má sì kọ̀wé fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ títí lẹ́tà tuntun, tó ní iye tuntun nínú, yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.