Àga Mélòó Ni Gbọ̀ngàn Tuntun Wa Gbà?

Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó ka àkíyèsí kan tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ kọ sí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ àkíyèsí ní ọ̀rọ̀ kan pàtó tí ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì mú ìṣirò lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe ṣe ìṣirò náà, kí ó lè yé wọn. Ẹ ka àkíyèsí yìí dáadáa. Bí ẹ ti ń kà á, ẹ máa ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá akọ̀wé náà gbà á tàbí ó ṣì í.

ÀKÍYÈSÍ FÚN GBOGBO ỌMỌ ÌJỌ

Ẹ̀yin ará wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin wa láti ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, ìgbìmọ̀ sì ní kí n kọ ìwé yìí láti là á yé yín. Nígbà tí a ń dá owó àga, a kéde pé gbọ̀ngàn tuntun wa yóò gba àga 200. Ẹ dá owó náà pé, a sì ra àga oníke 200. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wọlé, àga 128 ni ẹ bá nílẹ̀. Àwọn kan wá ń béèrè pé, "Níbo ni àga 72 tí ó kù wọlé sí?"

Àga náà kò sọnù. Wọ́n wà nínú yàrá ìkẹ́rù tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. A kó wọn léra ní mẹ́jọ mẹ́jọ, ó sì jẹ́ òkìtì mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè wá kà wọ́n. Àwa ìgbìmọ̀ ni a ṣe àṣìṣe. Ní ọjọ́ tí a kéde 200, a kò tíì fi téèpù kan ilẹ̀. Ojú lásán ni a fi wo gbọ̀ngàn náà nígbà tí ó ṣófo, ilé tí ó bá sì ṣófo a máa tóbi lójú ju bí ó ti rí lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Nísinsìnyí a ti wọ̀n ọ́n, bí a sì ti ṣe é nìyí.

Inú gbọ̀ngàn ni a kọ́kọ́ wọ̀n, láti ògiri dé ògiri. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 18, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 10. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ni àga lè dé. Pèpéle tí pẹpẹ àti àwọn akọrin wà gba mítà 3 níwájú. Lẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ńlá, a fi mítà 2 sílẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè ṣí dáadáa, kí èrò má sì há sí ẹnu ọ̀nà. Bí a bá yọ 3 àti 2 kúrò nínú 18, mítà 13 ni ó kù tí a lè to ìlà àga sí.

Ní ti ìbú, ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà rìn. A fi sẹ̀ǹtímítà 160 sílẹ̀ fún ọ̀nà àárín, nítorí ibẹ̀ ni ìyàwó àti ọkọ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni a ń gbé òkú gbà. A tún fi sẹ̀ǹtímítà 120 sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri ọ̀tún, a sì fi 120 mìíràn sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri òsì. Mítà 10 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1000. Bí a bá yọ 160 àti 120 àti 120 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 600. Èyí túmọ̀ sí pé apá ọ̀tún ní 300, apá òsì náà sì ní 300.

Lẹ́yìn èyí ni a wọn àga. Ibí yìí ni ó yẹ kí ènìyàn ti ṣọ́ra. Ojú ìjókòó àga wa fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ àga kan dé èkejì jẹ́ 58. Ibi tí àga bá ti fẹ̀ jù ni a ń wọ̀n. A fi 2 kún 58 kí àwọn àga má baà máa ha ara wọn, ó sì di 60. Bí a bá fi 60 pín 300, a ó rí 5. Káfíńtà wa ti kọ́kọ́ fi ìwọ̀n ojú ìjókòó ṣe ìṣirò, ó sì ní àga 6 ni yóò wọ ibẹ̀. A fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, a sì to àga 6 náà. Ẹsẹ̀ àga kẹfà kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó bọ́ sí ojú ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e kúrò. Nítorí náà, àga 5 ni ó wà ní ọ̀tún, 5 ní òsì, ìlà kan sì jẹ́ àga 10.

Ìlà mélòó ni yóò wá wọ inú mítà 13? Láti iwájú àga dé ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 55. A fi 35 sílẹ̀ láàrin ìlà kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹsẹ̀ lè rí àyè. 55 àti 35 jẹ́ 90. Bí a bá fi 90 pín 1300, a ó rí ìlà 14, yóò sì ṣẹ́ ku 40. Èyí tí ó ṣẹ́ kù yìí kò tó ìlà kan, a kò sì lè gé àga sí méjì. A fi í sílẹ̀. Ìlà 14 lọ́nà àga 10 jẹ́ 140.

Àwọn kan sọ pé kí a fún àga mọ́ra kí ó lè pọ̀ sí i. A dán an wò. A fi 20 sílẹ̀ láàrin ìlà dípò 35, a sì ní kí àwọn ènìyàn jókòó. Nígbà tí ìyá kan tí ó pọn ọmọ fẹ́ jáde, gbogbo àwọn tí ó wà ní ìlà náà ni ó ní láti dìde fún un, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ náà ń kọ́ àga iwájú. Nígbà náà ni gbogbo wa gbà pé 35 kò pọ̀ jù.

Orí ìwé ni a ti rí 140. Nígbà tí a tò ó sílẹ̀, nǹkan méjì tún yọjú. Èkíní, ilẹ̀kùn kékeré kan wà ní àárín ògiri ọ̀tún, òmíràn sì wà ní àárín ògiri òsì. Bí a bá to gbogbo ìlà 14 pọ̀, ẹni tí ó jókòó sí ọ̀tún kò ní rí ọ̀nà dé ilẹ̀kùn òsì, ẹni tí ó wà ní ọ̀nà àárín kò sì ní rí ọ̀nà dé ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lójijì, gbogbo èrò ni yóò rọ́ lọ sí ilẹ̀kùn ńlá. Nítorí náà, a kò to ìlà kẹjọ. Àyè rẹ̀ ni ó di ọ̀nà tí ó dábùú gbọ̀ngàn. 140 dín 10 jẹ́ 130. Èkejì, òpó méjì gbé òrùlé ró, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Òpó kọ̀ọ̀kan dúró sí àyè àga kan. 130 dín 2 jẹ́ 128.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a rí nìyí. Àga 72 tí ó kù kò ní ṣòfò. Abẹ́ àtíbàbà ni a ó máa tò wọ́n sí ní ọjọ́ ìkórè àti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀bẹ̀ kan ni a bẹ̀ yín: bí ẹ bá pẹ́ dé, tí ẹ kò sì rí àyè, ẹ má ṣe gbé àga sí ojú ọ̀nà. Àga kan ṣoṣo tó láti dí ọ̀nà fún ìlà mẹ́tàlá.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ilé Kíkọ́.

ÒǸKÀ INÚ ÀKÍYÈSÍ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a pe 128 ní èdè Yorùbá. Ìlà àga méjì jẹ́ ogún àga. Ìlà mẹ́rìnlá jẹ́ ogún lọ́nà méje, òun ni a ń pè ní ogóje. Akọ̀wé yọ ìlà kan, èyí tí ó jẹ́ mẹ́wàá, kúrò nínú ogóje, ó sì di àádóje. Ó tún yọ méjì nítorí òpó, ó sì di méjìdínláàádóje. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà tí akọ̀wé gbà ṣe ìṣirò rẹ̀ gan-an ni orúkọ òǹkà náà gbà!

ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀

jà ràn-ìn: kí ọ̀rọ̀ máa lọ láti ẹnu dé ẹnu.
pèpéle: ibi tí a mọ ga ju ilẹ̀ yòókù lọ.
òkìtì: ohun púpọ̀ tí a kó léra.
dábùú: láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì.
àtíbàbà: ohun tí a ta síta kí ènìyàn lè jókòó sí abẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó fa awuyewuye láàrin àwọn ọmọ ìjọ?
2. Báwo ni ìgbìmọ̀ ṣe rí 200 tí wọ́n kọ́kọ́ kéde? Kí ni àléébù ọ̀nà náà?
3. Àṣìṣe wo ni káfíńtà ṣe, báwo sì ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n?
4. Kí ni ìdí tí wọn kò fi to ìlà kẹjọ?
5. Bí ẹnìkan tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ bá wá, tí a sì yọ àga méjì kúrò fún un, àga mélòó ni yóò kù? Kọ ọ́ ní òǹkà Yorùbá.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ wọn gígùn àti ìbú kíláàsì yín láti ògiri dé ògiri. Ẹ yọ àyè olùkọ́, àyè ilẹ̀kùn àti ọ̀nà rírìn kúrò. Ẹ wọn àga kan níbi tí ó ti fẹ̀ jù. Ẹ ṣírò iye àga tí kíláàsì náà gbà, kí ẹ sì tò wọ́n láti dán an wò. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù kọ àkíyèsí sí ọ̀gá ilé-ìwé, kí ó sọ iye tí ó rí àti bí ó ṣe rí i.