Kí Ohùn Bá Ẹnu Mu: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Ya Fídíò

Ọmọ mi, mo rí i pé o ti ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, torí pé máìkì inú kámẹ́rà kì í gba ohùn ẹni tó bá jìnnà dáadáa. O ṣeun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn bá wà lọ́tọ̀ tí àwòrán sì wà lọ́tọ̀, ìwọ ni yóò so wọ́n pọ̀. Àtẹ́wọ́ ni ọ̀nà kan. Èkejì ni àwòrán ìró, ìyẹn ìlà gíga-kúkurú tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣàfihàn ohùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn.

1. Pàtẹ́wọ́ lójú kámẹ́rà. Àwọn onífíìmù ní pátákó tí wọ́n ń gbá ẹnu rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ tó bí o kò bá ní in. Kọ́kọ́ tan kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí o sì rí i pé àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì tí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò lò. Má dúró sẹ́yìn kámẹ́rà. Sọ orúkọ iṣẹ́ náà àti iye ìgbà tí ẹ ti yà á, dákẹ́ díẹ̀, kí o wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọwọ́ méjèèjì hàn kedere. Àtẹ́wọ́ mẹ́ta léra wọn a máa da ẹni tó ń gé fídíò rú, torí kò ní mọ èyí tí yóò mú. Bí o bá gbàgbé níbẹ̀rẹ̀, pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹ bá parí, kí o tó pa ẹ̀rọ kankan. Àwọn onífíìmù a máa dorí pátákó wọn kodò nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń gé e lè mọ̀ pé àtẹ́wọ́ ìparí ni.

2. Bí o bá délé, wá fíréèmù àkọ́kọ́ tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti kanra, kí o fi àmì sí i. Lórí àwòrán ìró ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, àtẹ́wọ́ yóò yọ ṣóńṣó láàárín ìdákẹ́jẹ́. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ni kí o fi àmì sí, kì í ṣe orí ṣóńṣó náà. Mú àmì kejì bá àkọ́kọ́, ó parí. Nígbà mìíràn, wàá rí i pé ọwọ́ ṣì là nínú fíréèmù kan, ó sì ti pa dé nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó pa dé ni kí o mú. Fídíò tó ní fíréèmù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 0.04 ìṣẹ́jú àáyá ni fíréèmù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àṣìṣe rẹ kò lè ju ìyẹn lọ.

Ojú ènìyàn sì ní ibi tó ń gbà á mọ́ra dé. Àjọ ITU, tó ń ṣètò ìlànà fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé, sọ pé bí ohùn bá ṣáájú ẹnu ní nǹkan bí 0.045 ìṣẹ́jú àáyá, olùwòran ti lè fura. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ohùn wà, ó lè tó 0.125 kí ó tó hàn sí wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Bí o bá dúró lókèèrè wo ẹni tó ń gúnyán, wàá rí i pé ọmọ odó ti balẹ̀ kí o tó gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó rí i rí kí ìró ṣáájú. Nítorí náà, bí ọkàn rẹ bá ń ṣe méjì láàárín fíréèmù méjì, fi ohùn sí ẹ̀yìn.

3. Má pa máìkì inú kámẹ́rà láé, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ burú tó. Òun ni kọ̀ǹpútà ń lò fún ọ̀nà kejì. Nínú DaVinci Resolve, yan fídíò àti ohùn náà pọ̀, lọ sí `Auto Sync Audio`, kí o yan `Waveform`. Kọ̀ǹpútà yóò wá ibi tí ìró ẹ̀rọ méjèèjì ti jọra, yóò sì tò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohùn ló so mọ́ ohùn. Kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní o gbé kámẹ́rà sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn níbi ìgbéyàwó, tí mítà 27 wà láàárín rẹ̀ àti alága ìdúró. Ọ̀rọ̀ alága dé inú kámẹ́rà lẹ́yìn nǹkan bíi 0.08 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn fíréèmù méjì. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò fà á sẹ́yìn kó lè bá ti kámẹ́rà mu. Ìwọ ni yóò fi ọwọ́ rẹ tì í padà síwájú ní fíréèmù méjì. Bí kámẹ́rà kò bá jìnnà ju mítà mẹ́ta lọ, má wulẹ̀ ṣèyọnu.

Ìlù tún máa ń tan kọ̀ǹpútà jẹ. Bí onídùndún bá ń lu àlùtúnlù kan náà fún ìgbà pípẹ́, kọ̀ǹpútà lè fi ìlù kejì lé ti àkọ́kọ́. Ìlù yóò bára mu létí, ọwọ́ onílù nìkan ni kò ní bá a mu. Níbẹ̀, àtẹ́wọ́ ni mo fọkàn tán.

4. Fún iṣẹ́ tó bá gùn, pàtẹ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Aago inú ẹ̀rọ méjèèjì kì í sáré dọ́gba. Jẹ́ ká sọ pé oníjálá kan sun ìjálá fún ìṣẹ́jú 40 gbáko. Àtẹ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣe wẹ́kú, ṣùgbọ́n ní ìparí, a gbọ́ pá lẹ́yìn fíréèmù mẹ́ta tí ọwọ́ ti pàdé. Ìyàtọ̀ 0.12 ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn nínú 2,400, bí ìṣẹ́jú àáyá kan nínú 20,000. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Má fipá fa gbogbo ohùn náà ní gígùn tàbí kíkúrú. Wá ibi tí oníjálá ti mí, nítòsí ìṣẹ́jú 7, 20 àti 33, kí o gé ohùn níbẹ̀, kí o sì fa gbogbo ohun tó kù síwájú ní fíréèmù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́nà yìí, ohùn kò ní yà ju bí ìdajì fíréèmù lọ níbikíbi. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá wà lẹ́yìn, jẹ́ kí ìparí apá kan rọra wọnú ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, kí a má baà gbọ́ ojú ọ̀bẹ.

5. Bó bá jẹ́ fóònù lo fi yà á, tí àṣìṣe náà ń lọ tó ń bọ̀ dípò kó máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, wo fóònù náà fínnífínní. Ọ̀pọ̀ fóònù a máa yí iye fíréèmù padà, pàápàá níbi tí iná kò bá ti tó. Gbé fídíò náà gba inú HandBrake, yan `Constant Framerate`, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ohunkóhun.

6. Nígbà tí o bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, má wo ẹnu lásán. Èdè wa ràn ọ́ lọ́wọ́: b, m, gb àti p ni ètè ti ń pa dé. Wá ibi tí wọ́n ti sọ “gbogbo” tàbí “bàbá”, lọ ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Ètè gbọ́dọ̀ là bí ìró náà ṣe ń bú jáde. Yẹ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn wò. Bí kámẹ́rà kò bá jìnnà, gbọ́ ohùn kámẹ́rà àti ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ pọ̀: bó bá dún bí ẹni méjì, wọ́n ṣì jìnnà síra, bó bá dún bí ohùn inú páìpù, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Lẹ́yìn náà, pa ti kámẹ́rà. Má sì fi gbohùn-sétí Bluetooth ṣe àyẹ̀wò yìí, torí òun fúnra rẹ̀ a máa fa ohùn sẹ́yìn. Oníwáyà ni kí o lò.