Làálì Dúdú àti Dáì Irun: Ewu tí Ó So Wọ́n Pọ̀

Bí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, tàbí bí ọdún Iléyá bá ń bọ̀, làálì kì í wọ́n lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin wa. Àwọn àgbà pẹ̀lú ń fi í pa ewú láró, nítorí làálì àti katamu ni a mọ̀ nínú sunna fún un. Ewé ni làálì. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn, kì í dúdú kirikiri, ó sì máa ń gba wákàtí mélòó kan kí ó tó mú dáadáa. Èyí tí ó bá dúdú bí èédú láàárín wákàtí kan kì í ṣe ewé nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti po ìyẹ̀fun dáì irun mọ́ ọn.

Parafẹnilinidayamíìnì ni orúkọ kẹ́míkà tí ó wà nínú ìyẹ̀fun náà. Lára páálí dáì, ẹ ó rí i báyìí: "p-Phenylenediamine" tàbí "PPD". Òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí ó wà nínú dáì irun, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ nígbà tí a bá fi í sórí. Òfin kan náà kò gbà kí a fi í kun awọ ara rárá. Ẹni tí ó ń po làálì dúdú lójú ọjà kì í wọn iye tí ó ń bù sí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ lè má le. Ṣùgbọ́n ara lè fi ìgbà náà mọ kẹ́míkà yìí bí ọ̀tá, tí ó bá sì ti mọ̀ ọ́n, kì í sábà gbàgbé mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kun làálì dúdú nígbà ìgbéyàwó. Ní bí ọjọ́ 10 lẹ́yìn náà, ojú ibi tí wọ́n ya òdòdó sí ń yún un, ó sì wú díẹ̀. Ó fi òróró pa á, ó lọ. Lẹ́yìn ọdún 8, ó fi dáì dúdú pa irun ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ nítorí ìsọmọlórúkọ. Ní òwúrọ̀ Sátidé, awọ orí ń yún un, ó ń ta á bí ata. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Àìkú, etí rẹ̀ ti wú, omi ń sun ní iwájú orí, ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì sì ti dì pa. Àwọn ará ilé lè rò pé ọ̀tá ni ó ṣe é. Làálì ọjọ́ ìgbéyàwó ni ó ti múra ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún tàbí kí ó máa jóni, ẹ fi omi púpọ̀ tí kò gbóná àti ọṣẹ ìfọrun tí kò le ṣan dáì náà kúrò pátápátá. Ẹ má họ ọ́, ẹ má sì fi àgbo tàbí ìpara mìíràn lé e. Bí ojú bá wú tàbí tí ìléròrò bá yọ, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ètè, ahọ́n tàbí ọ̀nà ọ̀fun bá wú, tí mímí ṣòro, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbà lójú ẹsẹ̀.

Kí a tó lo dáì, ó yẹ kí a dán an wò. Ẹ tẹ̀ lé ìlànà inú páálí. Ní gbogbogbòò, wọn a ní kí a fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí tàbí inú ìgbọ̀nwọ́, kí a sì ṣọ́ ọ fún wákàtí 48. Bí ó bá yún, tí ó pọ́n tàbí tí ó wú, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ má sì lo dáì náà. Ẹ máa dán an wò ní gbogbo ìgbà, nítorí ara tí ó gbà á lánàá lè kọ̀ ọ́ lónìí. Síbẹ̀, bí kò bá ṣe nǹkan kan, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú. Ẹni tí làálì dúdú tàbí dáì ti bá jà rí kò gbọdọ̀ dán an wò nílé. Dókítà awọ ara ni yóò lẹ ìwọ̀nba kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, tí yóò ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ 2, tí yóò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì sí i.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lò? Làálì gidi, tí a rí ewé rẹ̀ kí a tó lọ̀ ọ́, ni ó dára jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó ṣókùnkùn díẹ̀ lè fi ìyẹ̀fun ewé índígò, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ẹ̀lú àwọn aláró, tẹ̀ lé e. Kí ó rí i dájú pé kò sí "PPD" nínú rẹ̀. Kí ó ṣọ́ra fún dáì tí wọ́n kọ "toluene-2,5-diamine" sí lára pẹ̀lú, nítorí ìbátan ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ara tí ó kọ èkínní ni ó ń kọ èkejì. Ọ̀rọ̀ "làálì" tí wọ́n kọ sára páálí kò tó. Ohun tí wọ́n kọ pé ó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ lórí igbá.