Òrùlé Gíga Kọ́ Ni Ìjì Ń Ṣí

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí Ṣàgámù. Láti ògiri iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sì yọ síwájú. Káfíńtà mi ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ni òun máa fi gbé orí òrùlé sókè kí ìjì má baà gbé e. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Ṣé páànù 0.45 ni kí n rà ni àbí 0.55?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ ó kọ́ ọ parí, ẹ ó sì gbé inú rẹ̀ pẹ́. Ọ̀rọ̀ páànù kò le, a ó dé ibẹ̀. Èyí tí ẹ kàn fẹnu bà kọjá ló dá mi dúró: "kí ìjì má baà gbé e." Ta ló sọ fún káfíńtà yín pé ìjì kì í rí òrùlé tó bá ba mọ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn káfíńtà wa, àwọn onílé sì ń fi owó ara wọn gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìjì ń ṣe. Bó bá kọ lu ògiri, ó máa ń fò sókè, á sì gba orí ilé kọjá. Bí òrùlé bá tẹ́ jù, ìjì kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń sáré kọjá lórí rẹ̀ ló ń fa páànù sókè. Èyí tó bá gba fèrèsé àti abẹ́ etí òrùlé wọlé á tún máa tì í láti ìsàlẹ̀. Páànù alumíníọ́ọ̀mù ò sì wúwo tó láti fi ara rẹ̀ jókòó: èyí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, kò tó kílò 2. Orí òrùlé tí gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò tó dígírì 15 ni fífà yìí ti máa ń le jù. Bí gẹ̀rẹ́ bá ń sún mọ́ dígírì 30, fífà náà á dínkù gan-an ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìjì, nígbà mìíràn ìjì fúnra rẹ̀ á tẹ ẹ̀gbẹ́ náà mọ́lẹ̀. Òrùlé tí káfíńtà yín fẹ́ fi sá fún ìjì gan-an ni ìjì ń wá ní òjò àkọ́rọ̀.

Ẹ̀yin náà sì jẹ̀bi díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ gba ẹsẹ̀ bàtà 4 lẹ́nu rẹ̀ láìbi í pé lórí ilé tó fẹ̀ tó mélòó. Gíga nìkan kò sọ nǹkan kan fúnni. Ilé yín fẹ̀ ní 36, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 18. Bí orí òrùlé bá ga ní 4, ó ń gòkè ní 4 nínú 18, ìyẹn dígírì 12 àti ààbọ̀. Lórí ilé kékeré tó fẹ̀ ní 16, ẹsẹ̀ bàtà 4 kan náà yóò fún yín ní nǹkan bíi 27. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ bíi tiwa, mo máa ń fẹ́ kí gẹ̀rẹ́ wà láàárín dígírì 20 sí 30. Fún ilé yín, ẹ fún un ní ẹsẹ̀ bàtà 9, ìyẹn dígírì 26 àti ààbọ̀. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ bí káfíńtà bá gbọ́ nìyí: fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan tí òrùlé bá fi wọnú ilé, ó gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì 6 gòkè. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì àti téèpù wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ìjì nìkan kọ́ ni wàhálà òrùlé tó tẹ́. Omi òjò tó bá ń ṣàn lọ́ra lórí páànù rẹ̀ máa ń ga sí i, á kún kòtò páànù, á sì wọ ibi tí páànù kan ti gun èkejì. Bí ìjì bá tún ń ti omi náà sẹ́yìn, á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ ó sì máa bú ẹni tó kan ìṣó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín tó yọ síwájú tún dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀: níbi tí òrùlé rẹ̀ ti pàdé ti ilé, kòtò tó wà níbẹ̀ máa ń tẹ́ ju òrùlé méjèèjì lọ, omi ẹ̀gbẹ́ méjì ló sì ń gbà. Bí òrùlé bá jẹ́ dígírì 12 àti ààbọ̀, kòtò yẹn kò ní tó dígírì 9. Bó bá jẹ́ 26 àti ààbọ̀, kòtò á ju 19 lọ.

Ẹ ó ní owó ńkọ́? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà 2 tó máa yọ síta ògiri, páànù tí ẹsẹ̀ bàtà 4 máa gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gùn ní 20 àti ààbọ̀. Ti ẹsẹ̀ bàtà 9 gùn díẹ̀ ju 22 lọ. Àfikún náà kò pé ẹsẹ̀ bàtà 2.

Ó wá kù síbi tí ẹnu mi kì í tán sí: táì bíìmù, igi ìsàlẹ̀ tó gùn láti ògiri dé ògiri. Gbogbo ẹ̀rù tó wà lórí ráfútà méjèèjì ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn ya síta bíi ti ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Táì bíìmù ló ń fà wọ́n mọ́ra. Bí òrùlé bá ṣe tẹ́ tó ni yíya náà ṣe le tó: ti ẹsẹ̀ bàtà 4 ju ìlọ́po méjì ti ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ. Igi sọ́ọ̀mìlì wa sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, nítorí náà ẹ ó so mẹ́ta pọ̀ kí ó tó pé 36. Ojú ìsopọ̀ yìí ni òrùlé ti ń kú. Mo ti rí èyí tí wọ́n kàn fi imú igi kan imú, tí wọ́n gbé pákó pẹlẹbẹ kan lé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n kan ìṣó mẹ́rin sí i.

Ẹ ní kí ó gbé igi tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó fi bóòtù ìdajì ínǹṣì dè é, méjì lápá ọ̀tún ojú ìsopọ̀, méjì lápá òsì. Kí ojú ìsopọ̀ má sì tò sórí ìlà kan náà láti tírọ́ọ̀sì kan dé èkejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 12, 12, 12, kí ti èkejì jẹ́ 8, 12, 12, 4. Igi kan náà ni ẹ ó gé sí 8 àti 4, kò sí ìfiṣòfò. Kíńgì pósítì tó wà láàárín kì í ṣe òpó tó ń gbé orí òrùlé ró; ó ń rọ̀ láti òkè ni, ó sì ń fa táì bíìmù sókè kó má baà tẹ̀. Nítorí náà kí wọ́n dè é dáadáa lókè àti nísàlẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn gbé e lé e. Bí ìdè kan bá ti ń tú, ẹ ó rí i: orí òrùlé á rọ̀ láàárín, ògiri á sì là gbọọrọ lókè, lábẹ́ ibi tí igi jókòó sí.

Kí ó to tírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ sórí ilẹ̀ ilé, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì ya á ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ó fi í ṣe àwòṣe fún ìyókù, kí àyè tó wà láàárín wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Kí irin tí ẹ ti gbìn sínú kọnkéré orí ògiri sì yí igi mọ́lẹ̀ níbi tí tírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Ìṣó nìkan kì í dá òrùlé dúró.

Ní ti páànù tí ẹ bèèrè, 0.55 ni kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá tó fún òun pẹ̀lú bóòtù àti irin, ẹ ra 0.45, kí ẹ fi ìyókù rà wọ́n.