Kí Ẹ Tó Lu Ògiri: Irinṣẹ́ fún Gbígbé Pẹpẹ Kọ́ ní Ilé Tí Omi Wọ̀

Ẹ̀yin ará wa tó ń padà sílé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, púpọ̀ nínú yín ló fẹ́ gbé pẹpẹ kọ́ ògiri kí ẹrù má bàa wà nílẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi pẹpẹ ilé ìdáná kan ṣe àpẹẹrẹ, lára ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò, irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé nítòsí odò Àlà.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ògiri ti gbẹ. Ẹ fi téèpù lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara mọ́ ọn, ẹ dí gbogbo etí rẹ̀ pa, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá náà, ẹ ṣì dúró. Ẹ fi ìka kan ògiri pẹ̀lú: ibi tó bá dún bí ìlù, pílásítà ti yà kúrò lára búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, kò lè gbé ẹrù. Kí oníwáyà sì ti yẹ iná ilé wò kí ẹ tó lò ó.

Bíìtì tí ẹ máa rà ni ti búlọ́ọ̀kù. Ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bí orí ọfà, ó sì fẹ̀ díẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ti igi ní ṣóńṣó kan láàárín. Bí ẹ bá fi ti irin lu búlọ́ọ̀kù, kò ní pẹ́ kújú.

Ní ti lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ wo ibi tí ìhó inú gíláàsì dúró sí, kí ẹ wá yí i kí orí rẹ̀ di ìdí. Bí ìhó bá ṣì sún sí ìhà tábìlì kan náà, tábìlì ló dagun. Bí ó bá sún sí ìhà kejì, lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni kò dára. Ẹ má rà á.

Ẹ̀rọ tó ń wá igi inú ògiri, tí àwọn ará wa máa ń rà bọ̀ láti òkè òkun, a ṣe é fún ilé onígi. Kò sí igi nínú ògiri búlọ́ọ̀kù, ọ̀rinrin sì máa ń tàn án jẹ. Síìlìnì pákó ni mo rò pé ó wúlò fún, láti mọ ibi tí igi wà. Ní ti wáyà, ẹ má lu ọ̀gangan òkè tàbí ìsàlẹ̀ súìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni wáyà sábà máa ń gbà.

Ó ku iṣẹ́ gan-an. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì sàmì sí ibi tí ihò máa wà. Fún fíṣà ike mìlímítà 8, bíìtì mìlímítà 8 ni ẹ máa lò, kì í ṣe èyí tó tóbi jù ú lọ. Ẹ we téèpù mọ́ bíìtì níbi tó fi nǹkan bíi mìlímítà 10 gùn ju fíṣà lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Bí eruku tó jáde bá dà bí àmàlà dípò kó gbẹ, ògiri ṣì tutù. Bí bíìtì bá já wọlé lójijì, ẹ ti dé inú ihò búlọ́ọ̀kù, fíṣà kò ní rí ibi dì mọ́. Ẹ gbọn eruku jáde, ẹ ki fíṣà wọlé, kí ẹ wá fi ìdè-irin mìlímítà 5 dè é. Bí ìdè bá ń yí lásán tí kò le, ẹ yọ ọ́, ẹ lu ihò tuntun jìnnà díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.