Èrè Wà Nínú Ìwé, Owó Ò Sí Lọ́wọ́: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Ìrìn Owó

Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn jẹ èrè 1,300,000 náírà ní ọdún 2024. Nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀, 900,000 náírà ló wà nínú àpótí owó àti ní báǹkì. Nígbà tó parí, 100,000 náírà péré ló ṣẹ́kù. Olè kò jà wọ́n, akọ̀wé owó kò sì ṣi ìṣirò. Àpẹẹrẹ ni ilé búrẹ́dì yìí, a ṣètò iye inú rẹ̀ kó lè rọrùn láti rò, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí oníṣòwò. Ibo ni owó náà gbà lọ?

Ìwé ìrìn owó ló ń dáhùn ìbéèrè yìí. A lè kọ ọ́ ní tààrà, kí a máa ka gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì ni ọ̀nà ẹ̀bùrú: a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èrè, a ó wá máa yọ ohun tí kì í ṣe owó kúrò lára rẹ̀, títí yóò fi ku owó gidi. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lò, nítorí pé ìwé tó nílò ti wà nílẹ̀: ìwé dúkìá àti gbèsè ti ìparí ọdún tó kọjá, ti ìparí ọdún yìí, àti ìwé èrè òun àdánù tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ìwé èrè òun àdánù ilé búrẹ́dì wa nìyí. Gbogbo iye jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà, nítorí náà 100 túmọ̀ sí 100,000 náírà. Wọ́n ta búrẹ́dì 12,000. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà àti ìwúkàrà tó wọ inú búrẹ́dì náà jẹ́ 7,400. Owó òṣìṣẹ́, dísẹ́ẹ̀lì àti ìnáwó yòókù jẹ́ 2,500. Owó gbígbó ẹ̀rọ jẹ́ 600, èlé báǹkì tí wọ́n san sì jẹ́ 300. Wọ́n tún jèrè 100 lórí ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n tà. Ohun tó kù ni èrè 1,300.

Ìwé dúkìá àti gbèsè ti ọdún méjèèjì rèé:

| | 2023 | 2024 |
|---|---|---|
| Owó lọ́wọ́ àti ní báǹkì | 900 | 100 |
| Owó tó wà níta lọ́dọ̀ oníbàárà | 600 | 1,500 |
| Ìyẹ̀fun àti ọjà inú ilé | 800 | 1,300 |
| Ààrò àti ẹ̀rọ | 4,000 | 5,000 |
| Àpapọ̀ dúkìá | 6,300 | 7,900 |
| Gbèsè oníyẹ̀fun | 700 | 900 |
| Gbèsè báǹkì | 2,000 | 2,600 |
| Owó tí àwọn onílé fi bẹ̀rẹ̀ òwò | 3,000 | 3,000 |
| Èrè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú òwò | 600 | 1,400 |
| Àpapọ̀ gbèsè àti owó onílé | 6,300 | 7,900 |

Kí a tó fọwọ́ kan ìṣirò, ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí ọ̀nà yìí fi ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní máa há òfin sórí. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ìwé yìí máa ń dọ́gba nígbà gbogbo. Owó tó wà lọ́wọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú dúkìá. Tí a bá yọ àwọn dúkìá yòókù kúrò lápá òkè, ohun tí a ó rí ni:

```
owó = gbèsè + owó onílé − dúkìá yòókù
```

Ní ọdún 2024, 900 + 2,600 + 3,000 + 1,400 jẹ́ 7,900. Tí a bá yọ 1,500, 1,300 àti 5,000 kúrò, 100 ló kù. Òun náà ni owó tó wà lọ́wọ́. Èyí fi hàn pé owó kò lè yí padà láìjẹ́ pé nǹkan mìíràn yí padà nínú ìwé. Tí dúkìá mìíràn bá lé sí i, ó ti mu owó. Tí gbèsè bá lé sí i, owó tí a ì bá ti san ṣì wà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ wa kò ju kí a ṣàlàyé ìyípadà orí ìlà kọ̀ọ̀kan lọ, kí ó má ku ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èrè, 1,300. Ohun àkọ́kọ́ ni owó gbígbó ẹ̀rọ, 600. Ilé búrẹ́dì kò san owó yìí fún ẹnikẹ́ni lọ́dún 2024. Ọjọ́ tí wọ́n ra ààrò ni wọ́n ti sanwó rẹ̀. Iye tí lílò jẹ lára rẹ̀ lọ́dún yìí ni wọ́n kàn yọ kúrò nínú èrè. Níwọ̀n ìgbà tí owó kankan kò jáde, a ó dá 600 náà padà sórí èrè. Àwọn kan máa ń tìtorí èyí sọ pé gbígbó ẹ̀rọ ń mú owó wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò mú kọ́bọ̀ kan wọlé. Àtúnṣe ohun tí a ti yọ tẹ́lẹ̀ ni a ń ṣe.

Èkejì ni èrè 100 lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ni. Iye rẹ̀ nínú ìwé ti wálẹ̀ sí 200, wọ́n sì tà á ní 300. Owó tó wọlé ni 300, a ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ títà ẹ̀rọ láìpẹ́. Tí a bá wá fi 100 sílẹ̀ nínú èrè, a ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, a ó yọ 100 kúrò níbí.

Ó wá ku àwọn ìlà mẹ́ta tó jẹ mọ́ ọjà. Owó tó wà níta kúrò ní 600, ó di 1,500. Nínú búrẹ́dì 12,000 tí wọ́n tà, 900 ni wọ́n tún fi kún àwìn, owó náà kò tíì dé. A ó yọ 900. Ọjà inú ilé fi 500 lé sí i: wọ́n ti ra ìyẹ̀fun tí wọn kò tíì lò, kò sì sí nínú 7,400 tí ìwé èrè yọ. A ó yọ 500. Gbèsè oníyẹ̀fun fi 200 lé sí i: wọ́n ti gba ìyẹ̀fun yẹn, wọn kò tíì sanwó rẹ̀. A ó fi 200 kún un.

1,300 + 600 − 100 − 900 − 500 + 200 jẹ́ 600. Owó tí iṣẹ́ búrẹ́dì fúnra rẹ̀ mú wọlé nìyẹn, òun sì ni ìpín kìíní ìwé ìrìn owó. Kò tó ìdajì èrè.

Ìpín kejì jẹ́ ti ríra àti títà dúkìá tí ń pẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Wọ́n á wo ààrò àti ẹ̀rọ, wọ́n á rí 4,000 tó di 5,000, wọ́n á sì kọ ọ́ pé wọ́n ra ẹ̀rọ 1,000. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ sórí ìlà yìí. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4,000. Gbígbó mú 600 lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n tà mú iye 200 tó ní nínú ìwé lọ. Ì bá ku 3,200. Kí ó tó lè di 5,000, wọ́n ní láti ra ààrò tuntun ní 1,800. Owó tó jáde nìyẹn, èyí tó wọlé láti ara ẹ̀rọ àtijọ́ sì jẹ́ 300. Ìpín kejì jẹ́ −1,500.

Ìpín kẹta ni ti báǹkì àti àwọn onílé. Gbèsè báǹkì fi 600 lé sí i, àmọ́ ìwé mẹ́ta tó wà níwájú wa kò lè sọ bó ṣe jẹ́. Ìwé báǹkì la gbọ́dọ̀ wò. Ibẹ̀ la ti rí i pé wọ́n yá 1,000 láti fi ra ààrò, wọ́n sì san 400 lára gbèsè àtijọ́. Méjèèjì la ó kọ, a kò ní kọ 600 nìkan. Ní ti èrè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú òwò, 600 pẹ̀lú èrè ọdún yìí, 1,300, ì bá jẹ́ 1,900. 1,400 la rí, nítorí náà àwọn onílé ti pín 500. 1,000 − 400 − 500 jẹ́ 100.

| | |
|---|---|
| Owó láti inú iṣẹ́ búrẹ́dì | 600 |
| Ríra àti títà ẹ̀rọ | −1,500 |
| Báǹkì àti àwọn onílé | 100 |
| Ìyípadà owó | −800 |
| Owó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún | 900 |
| Owó ní ìparí ọdún | 100 |

Ó bá ìwé dúkìá mu. Onílé búrẹ́dì sì ti rí ìdáhùn rẹ̀. Iṣẹ́ mú 600 wá, wọ́n pín 500 nínú rẹ̀, wọ́n sì tún ra ààrò 1,800. Ohun tó yẹ kó dà á láàmú jù, lójú tèmi, ni 900 tó lé sí owó tó wà níta. Ká ní owó yẹn dúró sí 600 bíi ti ọdún tó kọjá ni, 1,000 ni ì bá wà lọ́wọ́ wọn lónìí dípò 100.

Tí ìwé bá kọ̀ tí kò dọ́gba ńkọ́? Kọ́kọ́ wo iye tí ó fi yàtọ̀, kí o sì pín in sí méjì. Ká ní o fi 900 owó ìta kún èrè dípò kí o yọ ọ́, ìparí ìwé rẹ yóò jẹ́ 1,900, ó sì fi 1,800 ju 100 lọ. Ìdajì 1,800 ni 900. Lọ wá ìlà tí iye yẹn wà, bóyá àmì rẹ̀ lo ṣì. Tí ìdajì kò bá bá ìlà kankan mu, tàbí tí àmì ìlà tó bá a mu bá tọ̀nà, yẹ ìlà ẹ̀rọ wò. Ẹni tó kọ ríra ẹ̀rọ sí 1,000 yóò fi 800 ṣàṣìṣe, ìyẹn 600 ti gbígbó àti 200 ti ẹ̀rọ tí wọ́n tà.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí ìdọ́gba kò lè tú fó. Tí o bá kọ gbèsè báǹkì sí 600 péré, ìwé yóò dọ́gba, ẹni tó bá kà á kò sì ní mọ̀ pé wọ́n yá 1,000. Bákan náà ni tí ilé búrẹ́dì bá gba ààrò láwìn lọ́wọ́ ẹni tó tà á, tí gbèsè rẹ̀ sì wọ inú ìlà gbèsè oníyẹ̀fun. Ní àfojúrí, yóò dà bíi pé iṣẹ́ búrẹ́dì ló mú owó wá, pé owó náà ni wọ́n sì fi ra ààrò, nígbà tó jẹ́ pé owó kankan kò kúrò níbì kan. Irú ìrajà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé ìrìn owó rárá. Ya gbèsè ààrò sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyẹ̀fun kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kí o sì kọ àlàyé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé.